Èwo Ni Ọparun, Èwo Ni Òpó?

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹni tó ti kọ nǹkan tán, tó wá rí i pé ohun tí òun kọ ti gùn jù. Ó lè jẹ́ ewì, ó lè jẹ́ ìtàn tàbí ìwàásù ọjọ́ Àìkú. Ẹni náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun gé e, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà wọlé, nítorí pé gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ ló ń wò ó lójú bí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ìwé kan wà ní ilé ìkàwé ńlá tí gbogbo ará ìlú Níú Yọ́ọ̀kì ń lò. Ojú-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, táípúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ìlà 54 ló sì wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin kan tó jáde lálẹ́ nílùú Bọ́sítìnì, tí wọ́n ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn títí oòrùn fi yọ. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la gbogbo rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó fà á náà ló kọ ọ́: T. S. Eliot. Orí ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e ni gbólóhùn kan wà tó sọ̀rọ̀ nípa oṣù Épírì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kárí ayé mọ̀ lónìí sí ìbẹ̀rẹ̀ ewì náà. Nígbà kan, ìlà 55 ni gbólóhùn yẹn.

Ewì tí mò ń sọ jáde ní ọdún 1922. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pe orúkọ rẹ̀, Ilẹ̀ Aṣálẹ̀ ni à bá pè é. Apá márùn-ún ló ní, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìlà 434. Ohun tí Eliot kọ́kọ́ kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn. Bí ìdajì tó kù ṣe kúrò nílẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsù gé náà kò sọ nù. A lè wò ó lónìí, ká rí ohun tó lọ, ohun tó dúró, àti ohun tí olùka sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya ibi ilé kíkọ́ díẹ̀. Bíríkìlà tó ń kọ́ ilé alájà kò lè dúró sórí afẹ́fẹ́. Á ri ọparun mọ́lẹ̀ yí ògiri ká, á de pákó mọ́ ọn, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí tí á fi to búlọ́ọ̀kù dókè. Bí ilé bá parí, ọparun á lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọparun náà kò dára. Láìsí i, ilé kò ní ga. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó wọ inú ilé tuntun láì yọ ọparun, àwọn àlejò rẹ̀ á máa fi orí gbá igi. Òpó yàtọ̀ sí ìyẹn. Òpó lè má lẹ́wà, wọ́n tilẹ̀ lè má kùn ún, ṣùgbọ́n òrùlé wà lórí rẹ̀.

Irú méjì yìí ló wà nínú ohun tí a bá kọ pẹ̀lú. Ìlà kan wà tó jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló gùn ún dé ibi tó ń lọ. Ìlà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwé fúnra rẹ̀ ló gbára lé e. Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé iṣẹ́ ara wọn ni pé wọ́n ń wá ìlà tí kò dára. Wọ́n á gé èyí tó rí wúruwùru, wọ́n á fi èyí tó dùn ún gbọ́ sílẹ̀. Ìlà tó dùn gan-an lè jẹ́ ọparun o. Ìlà gbẹrẹfu sì lè jẹ́ òpó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Eliot. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ báńkì láti ọdún 1917. Nígbà tó di ìgbẹ̀yìn ọdún 1921, àárẹ̀ ọkàn mú un, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní ìsinmi oṣù mẹ́ta. Ó kọ díẹ̀ nínú ewì náà létí òkun ní Mágéètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Lọ̀sáànù ní orílẹ̀-èdè Súwísáláǹdì, ó sì kọ èyí tó kù níbẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, ó yà ní Párísì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ezra Pound, tí òun náà jẹ́ akéwì ará Amẹ́ríkà. Ó kó ìdì ìwé náà fún un. Pound mú pẹ́ńsù.

Ẹ kíyè sí i pé ewì ti parí kí pẹ́ńsù tó wọ ọ́. Àwọn tó ń da dẹ́kìn mọ èyí dáadáa: igi tó gbé dẹ́kìn dúró, bí wọ́n bá yọ ọ́ kí kọnkéré tó gan, gbogbo rẹ̀ á wó lé wọn lórí. Ẹni tó bá ń gé bó ṣe ń kọ, tó kọ ìlà mẹ́ta tó pa méjì rẹ́, ọparun ló ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kọ nǹkan parí.

Ojú-ìwé Bọ́sítìnì yẹn, Eliot fúnra rẹ̀ ló gé e. Mo ti kà á. Kò burú, ó tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín láwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tó padà wá sínú ewì. A kò rí ilé ọtí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn kò já mọ́ nǹkankan fún ohun tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ohun tí ojú-ìwé náà ṣe fún Eliot ni pé ó là á lóhùn. Ó fẹ́ kọ ewì tí oríṣiríṣi ènìyàn á ti máa sọ̀rọ̀, ọ̀kan á dákẹ́, òmíràn á gbà á, ó sì fi àwọn ọ̀mùtí yẹn dán ohùn náà wò. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún ewì náà pàápàá, inú ìwé ìtàn Charles Dickens ló ti mú un, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń fi oríṣiríṣi ohùn ka ìròyìn ọlọ́pàá nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ yẹn náà lọ.

Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kọ ló ní irú ojú-ìwé yìí níwájú. Bí mo bá gba àròkọ lọ́wọ́ ẹnì kan, ìpínrọ̀ kejì tàbí ìkẹta ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, kí n wò ó bóyá ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Apá kẹta ewì náà, tí a lè pè ní Ìwàásù Iná, ní ọparun tó yàtọ̀ sí ti Bọ́sítìnì. Nǹkan bí àádọ́rin ìlà ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ ìyáàfin olówó kan tó ń jí láàárọ̀, tó ń ka lẹ́tà lórí ibùsùn, tó ń ṣe ìmúra rẹ̀. Ní méjìméjì ni àwọn ìlà náà ń tò, tí òpin wọn ń dún bákan náà, gẹ́gẹ́ bí Alexander Pope ṣe máa ń kọ ọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú. Eliot fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1928 ó sọ fúnra rẹ̀ pé lójú òun, iṣẹ́ tó dára ni, Pound ló ní kí òun yọ ọ́. Ohun tí Pound sọ fún un ni pé Pope ti ṣe èyí dé ibi tí ẹlòmíràn kò lè ṣe é dé, àti pé bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi Pope ṣẹ̀fẹ̀ ni, àfi kó lè kọ ọ́ ju Pope fúnra rẹ̀ lọ.

Gbogbo wa la máa ń gun ohùn ẹlòmíràn dé ibi tí ohùn tiwa wà. Ọmọ tó ń kọ́ ìjálá, ohùn ọ̀gá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi jáde. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí tìẹ bá dé, ti ọ̀gá gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé rẹ. Bí o bá ka ìpínrọ̀ kan nínú iṣẹ́ ara rẹ tó ń rán ọ létí òǹkọ̀wé mìíràn pátápátá, kì í ṣe pé o jí i. Ọparun ni. Nígbà tí ìyáàfin náà lọ, apá kẹta ewì wá bẹ̀rẹ̀ létí odò Tẹ́mùsì, níbi tí ewé ti wọ́wọ́ tí kò sí ẹnì kankan mọ́, ibẹ̀ sì ni ohùn Eliot ti dún fúnra rẹ̀.

Wàyí o, apá kẹrin. Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé ibẹ̀ la ti máa rí bí a ṣe lè dá òpó mọ̀.

Ikú Nínú Omi ni orúkọ rẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé àkọ́kọ́, ó ju àádọ́rùn-ún ìlà lọ. Ìtàn ọkọ̀ ojú omi apẹja kan ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ náà kúrò létí òkun Masasúsẹ́tì, ó forí lé àríwá. Nǹkan ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ wọn ń rà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń ráhùn. Ẹja wá pọ̀ fún wọn, inú wọn dùn. Lẹ́yìn náà ni ìjì gbé wọn kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dé, títí wọ́n fi kan yìnyín, tí ohun gbogbo sì parí. Eliot mọ òkun yẹn láti kékeré, ibẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń kó wọn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ka àwọn ìlà yẹn á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń wí.

Lẹ́yìn gbogbo ìrìn yìí ni ìlà mẹ́wàá péré wá dé nípa oníṣòwò ará Foníṣíà kan tó kú sómi, Phlebas, tí ó gbàgbé èrè àti àdánù, tí omi sì ń fọ egungun rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí o: ọ̀rọ̀ inú ìlà mẹ́wàá yẹn ti wà tipẹ́. Eliot ti kọ ọ́ ní èdè Faransé sí òpin ewì kékeré kan tó jáde ní ọdún 1918. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti ní òpó lọ́wọ́, ó wá ri ọparun yí i ká.

Pound gé ìrìn ọkọ̀ náà, ó ju ọgọ́rin ìlà lọ. Ọkàn Eliot rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ lẹ́tà sí Pound, ó bi í léèrè bóyá kí òun kúkú yọ Phlebas náà kúrò. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá gba nǹkan tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í mọ ohun tó ṣẹ́ kù fún un mọ́. Á ní kí wọ́n kúkú kó gbogbo rẹ̀.

Pound kọ̀ jálẹ̀. Ìdí tó sọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹwà. Ó ní ní apá kìn-ín-ní ewì, obìnrin aláfọ̀ṣẹ kan ń fi káàdì wo ọjọ́ iwájú fún ẹnì kan, káàdì tó sì fà jáde ni ti awakọ̀ Foníṣíà tó kú sómi. Ewì ti sọ fún wa pé ẹni yìí ń bọ̀. Bí kò bá wá dé mọ́, káàdì ọjọ́ yẹn di òfìfo. Nítorí náà, Phlebas gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà. Eliot gbà, apá kẹrin sì dúró ní ìlà mẹ́wàá títí di òní.

Ìbéèrè tí Pound bi ìlà mẹ́wàá yẹn ni èmi náà fi ń wo tèmi: ta ló gbẹ́rù lé ọ? Bí ibòmíràn nínú ìwé bá nawọ́ sí ìlà kan, òpó ni. Bí ìlà náà bá ń nawọ́ sí ara rẹ̀ nìkan, bó ti wù kó dùn tó, ọparun ni. Àwọn ọgọ́rin ìlà nípa ọkọ̀ apẹja dùn ju ọ̀pọ̀ ohun tí ẹlòmíràn tẹ̀ jáde lọ́dún yẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú apá mẹ́rin yòókù tó ń retí ọkọ̀ náà.

Kì í ṣe odindi ojú-ìwé nìkan ni Pound gé. Inú Ìwàásù Iná náà ni ìran kan wà nípa obìnrin akọ̀wé kan àti ọkùnrin tó wá bẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, Tiresias aríran ló sì ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Eliot ti fi ọ̀rọ̀ bíi "bóyá" àti "ó lè jẹ́ pé" há inú rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Pound bínú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ohun tó ń wí ni pé ẹni tí wọ́n pè ní aríran, bí ó bá mọ̀, kó sọ pé òun mọ̀. Ẹ fojú inú wo babaláwo tó tẹ Ifá tán, tó gbé ojú sókè, tó ní bóyá ọ̀rọ̀ rí báyìí, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa dúró gbọ́ ẹbọ? "Bóyá" yẹn kì í ṣe ti Tiresias. Ti Eliot ni, nígbà tó ṣì ń wá ọ̀nà tí ìran náà máa gbà. Ó gbàgbé rẹ̀ sínú ìwé bí bíríkìlà ṣe máa ń gbàgbé ìṣó.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ wálé. Ní ọdún tó kọjá mo kọ ìtàn kúkúrú kan, mo sì fẹ́ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún yín bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, pẹ̀lú ìtìjú rẹ̀:

"Bí a bá wo ayé yìí dáadáa, a ó rí i pé ikú kò mọ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọmọdé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jí láàárọ̀, mo wẹ̀, mo múra, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá wọn níwájú ilé. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn. Mo ṣàkíyèsí pé inú wọn bàjẹ́. Àga bàbá àgbà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti nù ún mọ́. Mo fẹ́ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ní kí n wọlé lọ mú àpótí wá. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àárò ọkọ wọn ṣì ń sọ wọ́n gan-an."

Ọ̀rọ̀ 104 nìyẹn. Mo mú pẹ́ńsù. Jíjí, wíwẹ̀, mímúra àti wíwọ ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo nílò wọn, nítorí pé mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ara mi dé iwájú ilé màmá láì gba ojú ọ̀nà. Olùka kò nílò ọkọ̀. Kíkí àti ìdáhùn náà lọ. Ta ni kì í kí ìyá rẹ̀ àgbà? Mo gé "inú wọn bàjẹ́" àti gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, nítorí pé àga ti sọ nǹkan kan náà, ó sì sọ ọ́ jù mí lọ. Mo wá dé orí gbólóhùn àkọ́kọ́, èyí tó ń sọ pé ikú kò mọ àgbà. Mo gé òun náà.

Bí mo ṣe ka èyí tó kù sókè, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò lè mọ̀ pé bàbá àgbà ti kú. Ó lè rò pé wọ́n lọ sóko ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú èyí tó gbẹ̀yìn, ọparun ni àwọn méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹrù kan há wọn láì mọ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dá ọparun padà. Ẹ wá ibi tí ẹ máa gbé ẹrù náà sí. Mo kọ gbólóhùn kan tó gbẹrẹfu: ó pé oṣù mẹ́ta tí a sin bàbá àgbà.

Nǹkan kejì tó bàjẹ́ jẹ́ ti èdè wa gan-an. Nínú èyí tó kù, "wọ́n ti nù ún mọ́" dúró, ṣùgbọ́n ta ni "wọ́n"? Ìyá àgbà tí à ń bọ̀wọ̀ fún ni, tàbí àwọn ọmọ ilé? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ló nu àga, ìtàn ti kú. Ẹni tó bá ń gé Yorùbá gbọ́dọ̀ padà wo gbogbo "ó" àti "wọ́n" àti "náà" tó kù lẹ́yìn ọ̀bẹ. "Ó" kì í sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, "wọ́n" kì í sọ bóyá àgbà kan ni tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orúkọ tó wà níwájú wọn ni wọ́n fara tì, bí ẹ bá sì gé orúkọ yẹn, wọ́n á wà níbẹ̀ bí aṣọ tí kò ní olówó. "Náà" burú jù. Ẹ á kà nípa "ọkùnrin náà" nígbà tí ọkùnrin kankan kò tíì wọlé.

Sátidé ńkọ́? Mo ti fa pẹ́ńsù lé e, kí n tó rántí pé ní ojú-ìwé kẹta ìtàn náà, ó hàn pé Sátidé ni wọ́n sin bàbá, gbogbo Sátidé ni màmá sì ń nu àga yẹn. Ó dúró. Ohun tó wá ṣẹ́ kù nìyí:

"Ó pé oṣù mẹ́ta tí a sin bàbá àgbà. Ní Sátidé kan, mo bá ìyá àgbà mi níwájú ilé. Àga bàbá àgbà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá àgbà ti nù ún mọ́. Mo fẹ́ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ní kí n wọlé lọ mú àpótí wá."

Ọ̀rọ̀ 46. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ló máa ń pàdánù tó báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìparí, ọ̀bẹ á máa fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún Eliot: apá karùn-ún, tó kọ ní Lọ̀sáànù, Pound fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ sí i pé láti ibẹ̀ lọ, ó dára bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ olùka kì í lè ṣe èyí. Bí wọ́n bá ti mú pẹ́ńsù, wọ́n gbà pé ojú-ìwé tí wọn kò gé nǹkankan níbẹ̀ dà bí èyí tí wọn kò kà.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní lórí Yorùbá. Àwítúnwí kì í ṣe ọparun nígbà gbogbo. Nínú oríkì, ìlà kan lè padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìpadàbọ̀ yẹn sì ni òpó ibẹ̀. Nínú lẹ́tà sí àgbàlagbà, ìkíni tó gba ìpínrọ̀ kan kì í ṣe ohun tí a ń gé. Ẹ gé e wò, kí ẹ sì retí èsì tí ẹ máa rí gbà. Orí rédíò níbí náà, mo máa ń sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìdáná kò lè ṣí ojú-ìwé padà. Kí ẹ tó pe nǹkan ní ọparun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú ilé tí ẹ ń kọ́.

Nípa ọwọ́ tí a fi ń gé, pẹ́ńsù Eliot yẹn ni kí ẹ máa lò. Ó fa ìlà la ọ̀rọ̀ já, kò pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i kà. Ẹni tó ń kọ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kó gbé èyí tó gé lọ sí ojú-ìwé mìíràn. Ọwọ́ á yá, nítorí pé kò sí ìlà tó kú. Ìwé Eliot fúnra rẹ̀ rin ìrìn àjò: ó fi ta lọ́rẹ fún John Quinn, lọ́yà kan ní Níú Yọ́ọ̀kì, ní ọdún 1922. Quinn kú ní ọdún 1924, àwọn ènìyàn sì rò pé ìwé náà ti sọ nù. Ilé ìkàwé tí mo dárúkọ rà á ní ọdún 1958, ṣùgbọ́n wọn kò kéde rẹ̀ títí di ọdún 1968, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú Eliot.

Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lẹ́yìn gbogbo ìgékúrò yẹn, ewì náà wá kúrú jù láti di ìwé nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Eliot ní láti fa àwọn àlàyé ẹ̀yìn ìwé gùn kí ojú-ìwé lè pọ̀. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àlàyé yẹn ṣe wàhálà.

Pound kì í ṣe olùka kan ṣoṣo. Vivien, ìyàwó Eliot, kà á pẹ̀lú. Ní apá kejì, níbi tí obìnrin kan ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, Pound kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó dà bíi fọ́tò lásán. Vivien kọ ọ́ sí ibẹ̀ kan náà, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ìyanu ni. Eliot fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà ní tòsí ibẹ̀, nípa àwọn ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí wọ́n wà láàárín tọkọtaya náà, tí Vivien ní kó yọ. Kì í ṣe ọparun, Pound kò sì bá a jà. Vivien kàn fẹ́ kó lọ ni. Eliot yọ ọ́.

Vivien kú ní ọdún 1947. Ní ọdún 1960, wọ́n ní kí Eliot fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ewì náà kọ sínú ìwé kan tí wọ́n fẹ́ tà láti fi rówó fún ilé ìkàwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsù gé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó wà. Nígbà tó dé apá kejì, ó kọ ìlà eyín erin yẹn padà sí àyè rẹ̀ láti inú orí.